Ẹ̀dà Géèmù àti Ẹni Tó Ń Sanwó Rẹ̀: Láti Inú Kátíríìjì Dé Orí Ayélujára

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ géèmù tí à ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n nínú ilé la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, pàápàá jù lọ ohun tí géèmù fúnra rẹ̀ ń wà nínú rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Kátíríìjì ló kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn nílùú wa ń pè ní kásẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sínú síídì àti dífíídì. Ní báyìí, púpọ̀ nínú wọn kò sí nínú ohunkóhun tó ṣeé dì mú mọ́, orí ayélujára ni wọ́n ti ń wọlé tààrà sínú ẹ̀rọ. Bí ẹ bá béèrè ìdí rẹ̀, ìdáhùn tí ẹ máa gbọ́ jù ni pé géèmù ń tóbi sí i, àyè sì ń há fún un. Òótọ́ wà nínú ìdáhùn yẹn, ṣùgbọ́n kò tó. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ni pé owó ẹ̀dà ló ti ìyípadà náà síwájú ju ohun mìíràn lọ: iye tí ẹ̀dà kan ń náni láti ṣe, ìgbà tí wọ́n ń san owó náà, àti ẹni tí àdánù máa já lé lórí bí ọjà kò bá tà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí kátíríìjì jẹ́. Ọdún 1976 ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó ń lo kátíríìjì tó ní ìrántí nínú jáde ní Amẹ́ríkà. Channel F lorúkọ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Fairchild ló sì ṣe é. Ọ̀gbẹ́ni Jerry Lawson, onímọ̀ ẹ̀rọ tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ló ṣáájú àwọn tó sọ èrò náà di ọjà tí ọmọdé lè tì bọ ẹ̀rọ, tó sì lè yọ, nígbà tí kò níye, láìba nǹkan jẹ́. Ṣáájú rẹ̀, géèmù tí wọ́n bá ti so mọ́ inú ẹ̀rọ látilẹ̀ náà ni olówó máa ta títí tó fi máa sú u. Inú kátíríìjì, pátákó kékeré kan wà tí ṣíìpù ìrántí jókòó lé. Etí pátákó náà ní ìlà bàbà wẹ́wẹ́ tó ń kan ìlà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá ti kanra, ọpọlọ ẹ̀rọ máa ń ka ohun tó wà nínú ṣíìpù yẹn bí ẹni pé ara ìrántí tirẹ̀ ni. Kò sí ohun tó ń yí, kò sí ohun tí à ń dúró dè. Ẹ tan ẹ̀rọ, géèmù ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1977 Atari náà gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ jáde, kílóbáìtì 4 péré sì ni ọpọlọ ẹ̀rọ náà lè rí nínú kátíríìjì lẹ́ẹ̀kan. Ojú ìwé méjì tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ti tó gba gbogbo rẹ̀.

Ibi tí ewu wà ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ṣíìpù náà. Ilé-iṣẹ́ ṣíìpù ló ń tẹ géèmù sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, bí wọ́n bá sì ti tẹ̀ ẹ́ tán, kò ṣeé pa rẹ́, kò ṣeé tún ṣe. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ ta géèmù gbọ́dọ̀ pinnu iye ẹ̀dà tó fẹ́, kó sì ṣètò owó rẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ bóyá àwọn ènìyàn máa fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá béèrè fún díẹ̀, tí géèmù náà sì gbajúmọ̀, ọ̀sẹ̀ gbọọrọ ló máa kọjá kí ẹ̀dà tuntun tó dé, ìfẹ́ àwọn oníbàárà á sì ti tutù. Bó bá béèrè fún púpọ̀, tí ọjà kò sì yá, ẹrù olówó gọbọi á jókòó sí ilé ìkẹ́rùsí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Atari gan-an nìyẹn. Ní ìparí ọdún 1982, wọ́n gbé géèmù E.T. jáde, wọ́n sì ṣe bíi mílíọ̀nù 4 ẹ̀dà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò tà, àwọn ilé ìtajà sì dá ọ̀pọ̀ tí wọ́n ti gbà padà fún wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, ọkọ̀ akẹ́rù kó kátíríìjì lọ sí ààtàn kan ní Alamogordo, ní ìpínlẹ̀ New Mexico, wọ́n sì bò wọ́n mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 2014 ni wọ́n tó gbẹ́ ibẹ̀ níṣojú gbogbo ayé, wọ́n sì rí wọn lóòótọ́, E.T. àti oríṣiríṣi géèmù mìíràn.

Nintendo kọ́ ẹ̀kọ́ kan nínú ìṣubú ọjà yẹn. Nígbà tó gbé ẹ̀rọ NES wọ Amẹ́ríkà ní ọdún 1985, ó fi ṣíìpù kan sínú ẹ̀rọ, ó sì fi ẹnìkejì rẹ̀ sínú kátíríìjì kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ níwọ̀n ìgbà tí géèmù bá ń lọ lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá ti bára mu, ẹ̀rọ á máa tún ara rẹ̀ tan ní ìṣẹ́jú àáyá kan sí òmíràn, ojú tẹlifíṣọ̀n á sì máa ṣẹ́jú wàì wàì. Nípa bẹ́ẹ̀, ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti ta géèmù fún ẹ̀rọ náà láìgba àṣẹ, àwọn tó sì gba àṣẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí Nintendo bá wọn ṣètò ṣíṣe kátíríìjì wọn, kí wọ́n sì sanwó rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kíyè sí bí ewu ti ṣí kúrò níbi kan lọ sí ibòmíràn. Bí géèmù bá tà, Nintendo ti jèrè. Bí kò bá tà, Nintendo ti jèrè náà. Ilé-iṣẹ́ tó gbé géèmù jáde nìkan ni ẹ̀dà tó kù nílẹ̀ máa dùn.

Síídì ti wà nínú ọjà orin láti ọdún 1982. Ní oṣù kejìlá ọdún 1988, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń kà á jáde ní Japáànù fún ẹ̀rọ géèmù tó ń jẹ́ PC Engine, Sega náà sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1991. Síídì kan gba bíi mẹ́gábáìtì 650, nígbà tí ọ̀pọ̀ kátíríìjì ayé ìgbà náà kò ní ju mẹ́gábáìtì kan tàbí méjì lọ. Bó bá jẹ́ pé àyè tó gbòòrò nìkan ló ń yí ọjà padà ni, ibẹ̀ yẹn ni kátíríìjì ìbá ti kú. Kò kú. Àwọn ẹ̀rọ síídì àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn jẹ́ àfikún tó wọ́n, tí à ń rà lọ́tọ̀ lẹ́yìn tí a bá ti ra ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, àwọn tó ra wọ́n kò sì tó nǹkan. Àyè mẹ́gábáìtì 650 wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tí ìnáwó ẹ̀dà pọ́ọ́kú náà lè ṣe láǹfààní tó tóbi.

Sony ló yí ìyẹn padà. Òun àti Nintendo ti jọ ń ṣètò ẹ̀rọ kan tó máa lo kátíríìjì àti síídì pọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1991, níbi ìpàtẹ ńlá kan ní Chicago, Sony kéde ẹ̀rọ náà. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, Nintendo kéde níbẹ̀ kan náà pé Philips ni òun máa bá ṣiṣẹ́ lórí síídì. Ọ̀gbẹ́ni Ken Kutaragi àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ ní Sony kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà ṣòfò. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá ọdún 1994, PlayStation jáde ní Japáànù, síídì nìkan ló sì ń lò. Ọdún 1996 ni Nintendo tó gbé Nintendo 64 jáde láti bá a figagbága, kátíríìjì ni Nintendo sì ṣì dìmọ́. Ìfigagbága àwọn méjèèjì yìí ló yẹ ká dúró lé lórí, nítorí pé ibẹ̀ la ti lè rí ohun tó ń ti ọjà síwájú ní gbangba.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ gbé géèmù jáde lọ́dún náà wò ó. Ká ní ó fẹ́ ẹ̀dà 100,000. Ká ní kátíríìjì kan máa ná an ní dọ́là 15, síídì kan sì máa ná an ní dọ́là 1. Mo kàn fi iye wọ̀nyí ṣe ìṣirò ni, nítorí pé owó kátíríìjì ń gùn bí ìrántí inú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ sí, ṣùgbọ́n bí àlàfo àárín wọn ṣe rí nìyẹn. Bó bá yan kátíríìjì, ó ti ná mílíọ̀nù dọ́là kan ààbọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ra ẹyọ kan. Bó bá yan síídì, dọ́là 100,000 ló ná. Bí ìdajì ẹ̀dà náà kò bá tà, ẹni tó yan kátíríìjì ti pàdánù dọ́là 750,000 lórí ẹ̀dà nìkan, ẹni tó yan síídì sì pàdánù 50,000. Ẹ wá fi ti àkókò kún un. Síídì ṣeé tẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí náà olùtajà lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dà díẹ̀, kó wo bí ọjà ṣe ń lọ, kó sì tún béèrè fún òmíràn. Ẹni tó bá wà nírú ipò yìí lè fi owó rẹ̀ dán géèmù tó ṣàjèjì wò, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí. Ẹni tó wà ní ìhà kejì kò ní gbìyànjú rẹ̀ láé. Àwọn géèmù orí PlayStation sì sábà máa ń dín ní dọ́là mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ti Nintendo 64 nínú ilé ìtajà.

Ẹni tó ń gbọ́ mi lè sọ pé, Final Fantasy VII ńkọ́? Square, ilé-iṣẹ́ tó ti ń ṣe ọ̀wọ́ géèmù yìí fún Nintendo láti ọdún 1987, fi Nintendo sílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Sony. Nígbà tí géèmù náà sì jáde ní oṣù kìíní ọdún 1997, síídì 3 ló kún. Àyè ni wọ́n wá lọ, kì í ṣe owó. N kò ní jiyàn pé àwòrán onífíìmù tó kún inú géèmù yẹn kò lè wọ kátíríìjì, kò lè wọ̀ ọ́ bó ti wà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo géèmù mìíràn. Resident Evil 2 jáde fún PlayStation ní ọdún 1998 lórí síídì 2. Ní ọdún 1999, ilé-iṣẹ́ Angel Studios kó géèmù yìí, àti fíìmù àti ohùn tó wà nínú rẹ̀, sínú kátíríìjì Nintendo 64 kan ṣoṣo tó jẹ́ mẹ́gábáìtì 64. Wọ́n fún fíìmù náà pọ̀ gidigidi, wọ́n dín iye àwòrán tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan kù, wọ́n sì dín ìmọ́gaara ohùn kù. Ẹni tó bá gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn máa rí i pé ti kátíríìjì ṣókùnkùn díẹ̀. Síbẹ̀ géèmù náà pé. Àwọn tó mọ iṣẹ́ lè ṣiṣẹ́ nínú àyè tó há. Ohun tí ìmọ̀ iṣẹ́ wọn kò lè ṣe ni láti dín owó kátíríìjì mẹ́gábáìtì 64 kù, èyí tó wà lára àwọn tó gbówó lórí jù tí ẹ̀rọ náà ní. Ìdí nìyẹn tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n lórí Nintendo 64. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò mú owó wọlé.

Bí ẹ bá sì ní dáadáa ohun èlò ló ń pinnu, ẹ rántí pé ní ti ìyára, síídì ni ìfàsẹ́yìn. Lésà ni ẹ̀rọ ń tàn sí ara síídì tó ń yí, tó fi ń ka àwọn kòtò wẹ́wẹ́ tó wà lára rẹ̀. Bíi kílóbáìtì 300 ni PlayStation lè kà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìrántí àgbékà rẹ̀ jẹ́ mẹ́gábáìtì 2, nítorí náà, kó tó kún, ìṣẹ́jú àáyá bíi 7 ti lọ, láìka àkókò tí orí lésà ń lò láti wá ibi tí ohun tó ń wá wà. Ilẹ̀kùn tó máa ń rọra ṣí nínú àwọn Resident Evil ìgbà náà, tí ẹ̀rù á fi máa ba ènìyàn, síídì ni wọ́n fi ń bò láṣìírí: ẹ̀rọ ń ka yàrá tó kàn lọ́wọ́ ni. Kátíríìjì kò ní irú ìdúró bẹ́ẹ̀. Nintendo mọ èyí, ó sì fi ṣe àwíjàre. Àwọn oníbàárà gbà pé ó yára jù, wọ́n sì tún lọ ra PlayStation, nítorí pé ibẹ̀ ni géèmù pọ̀ sí, tí owó rẹ̀ sì rọjú.

Ẹ̀dà pọ́ọ́kú kò dúró sọ́dọ̀ olówó géèmù nìkan, ó dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń kọ síídì wọ ilé àti ṣọ́ọ̀bù, ohun tó ná ilé-iṣẹ́ ńlá ní dọ́là kan wá ná ẹni tó ń ṣe àdàkọ ní iye tí kò jìnnà sí i. Sony ti ronú kan èyí. Ìlà tí lésà ń tọ̀ lára síídì PlayStation ń mì díẹ̀ ní apá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lẹ́tà mẹ́rin tó ń sọ agbègbè tí wọ́n ṣe é fún sì wà nínú ìmì náà. Ẹ̀rọ tó ń kọ síídì nílé kò lè ṣe ìmì yẹn, nítorí náà PlayStation á kọ àdàkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan ṣe ṣíìpù kékeré tí wọ́n ń jó mọ́ inú ẹ̀rọ, tó ń pe lẹ́tà mẹ́rin náà fún ẹ̀rọ bí ẹni pé síídì ló sọ ọ́. Bí géèmù PlayStation 2 tí wọ́n dà kọ sórí dífíídì òfìfo ṣe gba ọjà kan nìyẹn nílẹ̀ wa àti ní Bùràsíìlì, tí dísìkì ojúlówó sì fi ṣọ̀wọ́n lórí igbá. Dreamcast ti Sega tilẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlàfo kan nínú ọ̀nà tó ń gbà ka síídì orin jẹ́ kó máa tan àdàkọ láìfi ṣíìpù kankan kún un, ọdún 2001 sì ni Sega dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró. N kò ní sọ pé àdàkọ nìkan ló pa á, nítorí gbèsè ti wọ Sega lọ́rùn ṣáájú ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò ràn án lọ́wọ́.

Kí n sọ díẹ̀ nípa bí ohun wọ̀nyí ṣe ń bàjẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín ló ṣì ní wọn nínú ilé. Bí kátíríìjì kò bá tan, ìdọ̀tí tàbí ìpẹtà lára ìlà bàbà rẹ̀ ló sábà ń fà á. Òwú tí a fi sípíríìtì díẹ̀ sí ni kí ẹ fi nù ún. Fífẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i kò dára, omi ẹnu ló ń mú bàbà náà dípẹtà. Bí géèmù bá tan ṣùgbọ́n tí ibi tí ẹ bá a dé kò sí mọ́ nígbà tí ẹ padà dé, bátìrì kékeré inú rẹ̀ ló kú, géèmù fúnra rẹ̀ kò ní nǹkan kan. Ní ti síídì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣọ́ ojú tó ń dán, tí wọ́n sì ń ju ojú tí àwòrán wà kiri. Ojú tí àwòrán wà gan-an ló gbẹgẹ́ jù, nítorí abẹ́ rẹ̀ tààrà ni àwọn kòtò náà wà. Bí ẹ bá gbé e sókè sí iná tí ẹ sì rí ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ bí ojú abẹ́rẹ́, ohun tó wà níbẹ̀ ti lọ nìyẹn. Dífíídì sàn díẹ̀ ní ti èyí, torí àárín ike méjì ni tirẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká wá sí orí ayélujára. Àwọn ènìyàn rò pé nǹkan tuntun ni, bẹ́ẹ̀ sì kọ́. Ní ọdún 1983, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ta kátíríìjì kan fún Atari tó ń jẹ́ GameLine, èyí tó ń gba géèmù láti orí wáyà tẹlifóònù. Sega ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1994 láti inú wáyà tẹlifíṣọ̀n, Nintendo sì ń fi sátẹ́láìtì rán géèmù sí àwọn ilé ní Japáànù láti ọdún 1995. Kí ló dé tí wọn kò gba ọjà nígbà náà? Kò sí ibi ìpamọ́ gidi nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí. Pẹ̀lú ti Sega, bí ẹ bá ti pa ẹ̀rọ, géèmù ti lọ nìyẹn, ẹ máa tún gbà á. Ìgbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ní ibi ìpamọ́ tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti Xbox ní ọdún 2001, ni ọ̀nà tó là.

Ní ọdún 2013, PlayStation 4 jáde, a sì rí nǹkan kan tí kò hàn kedere sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Dísìkì tí ẹ bá rà kò tún jẹ́ ibi tí ẹ̀rọ ti ń ka géèmù bí ẹ bá ń ṣeré. Ẹ̀rọ máa da gbogbo rẹ̀ sí ibi ìpamọ́ inú rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti máa kà á. Láti ìgbà náà lọ, dísìkì di ẹrù tó ń gbé géèmù wálé àti ẹ̀rí pé ẹ rà á. PlayStation 5 mú èyí jinlẹ̀ sí i. Ibi ìpamọ́ rẹ̀ ń ka gígábáìtì 5.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn géèmù rẹ̀ sì gbára lé ìyára yìí débi pé dísìkì kankan kò lè bá a dé ibẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ìmọ̀ ẹ̀rọ ló lé dísìkì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kò parọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ẹ̀rọ kò sọ pé kí dísìkì má ṣe gbé géèmù wálé mọ́, tàbí kó má ṣe jẹ́ ẹ̀rí ìní. Owó ló ń sọ ìyẹn. Ẹni tó ta géèmù lórí ayélujára kò tẹ ẹ̀dà kankan. Kò sanwó ìkẹ́rùsí, kò pín èrè pẹ̀lú ilé ìtajà, kò sí ẹ̀dà tó máa ṣẹ́kù sí i lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó rà á kò lè tà á fún ẹlòmíràn lẹ́yìn tó bá ti ṣeré rẹ̀ tán. Ewu tó sin Atari sínú iyẹ̀pẹ̀ Alamogordo ti pòórá pátápátá.

Ọ̀pọ̀ máa sọ pé àwọn oníbàárà fúnra wọn ló yan ayélujára, pé kò sẹ́ni tó fi ipá mú wọn. Mo gbà bẹ́ẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Ènìyàn kò ní jáde nílé, dísìkì kò ní ha, àwọn géèmù kéékèèké tí ẹni méjì tàbí mẹ́ta jókòó ṣe, tí kò sí olówó tó lè tẹ dísìkì rẹ̀, sì ń rí ojú ọjà. Èrè gidi ni ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà kò di ọ̀fẹ́, ẹni tó rà á ni owó rẹ̀ kàn bọ́ sí lọ́rùn. Géèmù gígábáìtì 100, lórí ìsopọ̀ tó ń gba mẹ́gábíìtì 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, máa gba bíi wákàtí 44 kó tó wọlé tán, bí ìsopọ̀ náà kò bá já rárá. Níbi tí wọ́n ti ń ra dátà ní gígábáìtì-gígábáìtì, bó ti rí fún ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà, owó ìgbéwálé yẹn jẹ́ owó géèmù kejì. A sì rí ohun tí àwọn oníbàárà ń fẹ́ ní ọdún 2013 kan náà. Microsoft kéde pé Xbox One máa ní láti máa yẹ ara rẹ̀ wò lórí ayélujára ní wákàtí 24 sí 24, àti pé títa dísìkì tí a ti lò máa ní òfin tirẹ̀. Ariwo náà pọ̀ débi pé láàárín oṣù kan, kí ẹ̀rọ náà tó jáde pàápàá, wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Ohun tó jinlẹ̀ jù ni ti ìní. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, géèmù kékeré kan tó ń jẹ́ P.T. jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún PlayStation 4, orí ayélujára nìkan ló sì wà. Ní ọdún 2015, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó ti gbà á ṣì lè ṣe é, ṣùgbọ́n bó bá pa á rẹ́, kò tún lè gbà á láti orí ọjà Sony. Ibi ìpamọ́ PlayStation tó ṣì ní in nìkan ló kù tó ń gbé e ró. Ọjà Wii kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2019, ti 3DS àti Wii U sì dẹ́kun títa ní oṣù kẹta ọdún 2023. Kátíríìjì Channel F tí wọ́n ṣe ní ọdún 1976 kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí ìlà bàbà rẹ̀ bá mọ́, tí ṣíìpù rẹ̀ kò sì kú, ó máa tan. Ìpínlẹ̀ California ti rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ń ṣi àwọn oníbàárà lọ́nà. Láti oṣù kìíní ọdún 2025, òfin ibẹ̀ ti sọ pé ẹni tó bá ń ta géèmù orí ayélujára kò gbọ́dọ̀ pè é ní rírà láìjẹ́ kó yé oníbàárà pé ìyọ̀ǹda láti lò ó ni ó ń gbà, ìyọ̀ǹda tó sì lè dópin.

Àtakò kan ló kù tó yẹ ká dáhùn: kátíríìjì ti padà wá. Nintendo Switch, tó jáde ní ọdún 2017, ń lo káàdì kékeré, àìmọye ènìyàn ló sì rà á. Ṣé kì í ṣe pé ìṣirò owó tí mo ń ṣe látàárọ̀ ti yẹ̀ nìyẹn? Rárá, ibẹ̀ gan-an ló ti fìdí múlẹ̀. Nintendo padà sórí káàdì nítorí pé dísìkì tó ń yí kò rọrùn fún ẹ̀rọ tí à ń gbé kiri lọ́wọ́, ṣùgbọ́n owó ṣíìpù tún padà dé pẹ̀lú rẹ̀. Káàdì tó gba gígábáìtì 32 wọ́n ju èyí tó gba 8 lọ, nítorí náà àwọn ilé-iṣẹ́ kan ra káàdì kékeré, wọ́n fi apá kan géèmù sínú rẹ̀, wọ́n sì kọ sára páálí rẹ̀ pé kí oníbàárà lọ gba ìyókù lórí ayélujára. Ìṣirò àwọn tó sá fún Nintendo 64 ní ọdún 1996 náà ni wọ́n ṣe. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé, ní 1996, ẹni tí kò bá fẹ́ san owó ṣíìpù gbọ́dọ̀ wá síídì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ní báyìí, ó lè dúró síbẹ̀, kó sì gbé owó náà fún oníbàárà láti san ní dátà.

Nintendo Switch 2, tó jáde ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2025, mú èyí dé òpin rẹ̀. Lára àwọn káàdì rẹ̀, irú kan wà tí kò sí géèmù nínú rẹ̀ rárá, kọ́kọ́rọ́ ni ó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá tì í bọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á lọ gba gbogbo géèmù náà láti orí ayélujára, lẹ́yìn náà káàdì gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀rọ nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣe é. Nintendo ní ìdáhùn kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: káàdì yìí ṣeé yá ọ̀rẹ́, ó sì ṣeé tà lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe é tán, èyí tí géèmù orí ayélujára lásán kò ní. Òótọ́ ni, ó sì sàn ju òfìfo lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ra irú káàdì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó gbọ́dọ̀ wo iwájú páálí dáadáa, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé géèmù kò sí nínú rẹ̀, kó sì wo iye gígábáìtì tó máa gbà. Ní ọjọ́ tí Nintendo bá ti ọjà ẹ̀rọ yìí pa, tí kò sì fi géèmù náà síbi tí ẹ̀rọ ti lè gbà á mọ́, káàdì náà á ṣì máa ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ti gba géèmù sínú ẹ̀rọ rẹ̀, kò sì ní ṣí nǹkan kan fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.